Wọ́n sọ ọ́ di súpáfáísọ̀, owó ofatáìmù bá dàwátì: ohun tí òfin sọ rèé

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí mo wà nílé ní Ìlogbò-Èkìtì, àbúrò kan láàdúgbò wa yà wá kí mi. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní í dárúkọ iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Adó-Èkìtì, torí kò tíì kúrò níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá ni. Ó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Ìdí ẹ́ńjìnnì tó ń rọ omi sínú ọ̀rá ló ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní nǹkan bí oṣù méje sẹ́yìn, wọ́n fún un ní lẹ́tà ìgbéga, wọ́n ní ó ti di súpáfáísọ̀.

Mo kọ́kọ́ kí i kú oríire. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má tíì kí mi. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ ná."

Ohun tí a jọ ṣírò lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n kọ eléyìí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń gbé ga báyìí, ní iléeṣẹ́ ńlá, ní ọ̀tẹ́ẹ̀lì, ní ilé-epo, ní ilé-ìwòsàn aládàáni, tó jẹ́ pé orúkọ ló yí padà, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, àmọ́ owó alẹ́ tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀ kò wọlé mọ́. Tí wọ́n bá béèrè, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń gbọ́: "Ìwọ ti di ọ̀gá, ọ̀gá kì í gba ofatáìmù."

Ṣé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ ni àbí ọ̀gá ló sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó náà. Nígbà tó fi wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ₦90,000 ni owó oṣù ẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde, wákàtí kan sì wà láàárín fún oúnjẹ. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ nìyẹn, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, tó jẹ́ wákàtí 48. Tí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ 52 tó wà nínú ọdún ṣe ìṣirò ẹ̀, tí ẹ wá pín in sí oṣù 12, wákàtí 208 ló máa jẹ́ lóṣù. Ẹ pín ₦90,000 sí 208, ₦432 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni wákàtí kan. Tí wọ́n bá ní kó dúró lẹ́yìn aago márùn-ún, ìwé ètò iṣẹ́ wọn sọ pé owó wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n máa san fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí ₦649.

Ìgbà tó di súpáfáísọ̀, owó ẹ̀ di ₦115,000. Inú ẹ̀ dùn. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò jáde níbẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ alẹ́ tó lù. Wọ́n ní súpáfáísọ̀ ló gbọdọ̀ rí i pé ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn oníbàárà kún, pé wọ́n ka àpò omi tó kù pé, pé wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wákàtí méjì ààbọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, wákàtí 65 nìyẹn. Kò sí kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ fi 65 kún 208, ó di 273. Ẹ wá pín ₦115,000 sí 273. Ó jẹ́ ₦421.

Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé mo ti ṣì í. Nígbà tó jẹ́ ọmọ-iṣẹ́, ₦432 ló ń gbà ní wákàtí kan. Nígbà tó di ọ̀gá, ₦421. Tó bá jẹ́ pé ìdí ẹ́ńjìnnì ló ṣì wà, tó sì ṣe wákàtí 65 yẹn, ofatáìmù nìkan ì bá jẹ́ ₦42,185, gbogbo ohun tí ì bá mú relé ì bá sì lé ní ₦132,000. Ìgbéga náà ń gba nǹkan bí ₦17,000 lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣoṣù.

Owó nìkan kọ́ ni o. Ifàkì ló ń gbé. Ẹni tó bá kúrò l'Adó ní aago méje ààbọ̀, tó tún dúró de ọkọ̀, ó máa tó aago mẹ́sàn-án kó tó wọlé. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà Èkìtì ṣe rí lọ́kàn èèyàn lálẹ́ láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà lágbègbè Ìkọ̀lé. Ó ní ìyá òun kì í sùn títí òun á fi pè é pé òun ti dé. "Uṣẹ́ yìí," bó ṣe sọ ọ́ lédè ilé nìyẹn, kò parí gbólóhùn náà.

Ó dáa, kí ni òfin wí?

Òfin tó wà nílẹ̀ ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí ìjọba ológun Gowon gbé jáde lọ́dún 1974, tó sì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2004. Abala 13 ló sọ̀rọ̀ nípa wákàtí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òfin yìí sọ pé wákàtí mẹ́jọ ni èèyàn gbọdọ̀ ṣe lójúmọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó sọ ni pé wákàtí tó yẹ kí èèyàn ṣe ni èyí tí òun àti agbanisíṣẹ́ bá jọ fẹnu kò sí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá jọ dúnàádúrà lé lórí, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó iṣẹ́ bá là kalẹ̀ níbi tí kò bá ti sí ètò ìdúnàádúrà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ní wákàtí yòówù tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe kọjá iye yẹn, ofatáìmù ni.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, òfin kò sọ iye tí wọ́n gbọdọ̀ san fún ofatáìmù. Owó wákàtí kan àti ààbọ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo, inú ìwé ètò iṣẹ́ àti àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ti ń wá, kì í ṣe inú abala 13. Ìkejì, ofatáìmù kò lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fàlà. Tí lẹ́tà iṣẹ́ rẹ bá sọ pé aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún, ààlà wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn aago márùn-ún ti kọjá ààlà. Àmọ́ tí ohun tí o fọwọ́ sí bá sọ pé wàá máa ṣiṣẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí, o ti fún wọn ní ilẹ̀ tí kò ní pẹ́lì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí èmi náà ti fọwọ́ sí irú ẹ̀ rí nígbà tí mo ń ṣe olóòtú alẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan l'Ékòó. Ọdún méjì ni mo fi ń délé lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Ọjọ́ tí mo fẹ́ béèrè ni mo tó ka lẹ́tà mi.

Àwọn ará Ghana fà á le jù wá lọ. Òfin iṣẹ́ wọn ti ọdún 2003 sọ ọ́ gbangba pé wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ tàbí 40 lọ́sẹ̀ ni òpin, ó sì ní wọn kò gbọdọ̀ fi dandan mú òṣìṣẹ́ ṣe ofatáìmù níbi tí iléeṣẹ́ kò bá tíì là iye tí wọ́n ń san fún un sílẹ̀. Tiwa fi gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́ àdéhùn. Ẹ wá wo irú àdéhùn tí ẹni tó ń wáṣẹ́ kiri lè bá ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ṣe.

Ohun tí òfin wa kò fi sọ́wọ́ àdéhùn kò pọ̀, àmọ́ ó wúlò. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ ẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Láàárín ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tí á fi sinmi, wákàtí 24 gbáko láìsí ìdíwọ́. Tí wọ́n bá gé e kúrò níbẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún un láàárín ọjọ́ 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n san owó ofatáìmù dípò ẹ̀. Ìyẹn ni pé tí ọ̀gá bá pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú pé kí o wá ka ẹrù, tó sì jẹ́ pé Àìkú yẹn nìkan ni ìsinmi rẹ, òfin ti sọ ohun tó kàn.

Ibi tí àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń sá sí ni abala 91. Ibẹ̀ ni òfin ti túmọ̀ ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn ni, yálà iṣẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ni o, yálà iṣẹ́ akọ̀wé ni o, yálà wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ tàbí wọ́n fẹnu sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá yọ àwọn kan kúrò. Lára àwọn tó yọ ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso, iṣẹ́ aláṣẹ, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé bíi lọ́yà àti dókítà. Ẹni tí wọ́n bá yọ níbẹ̀, abala 13 kò bò ó. Ìgbèríko yìí ni gbogbo "ọ̀gá kì í gba ofatáìmù" ti ń wá.

Kì í ṣe Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀ o. Àdéhùn àkọ́kọ́ pàá tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe, ní Washington lọ́dún 1919, òun ló sọ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ di ohun tí ayé ń sọ nípa iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ. Inú àdéhùn yẹn kan náà ni wọ́n ti ní kò kan àwọn tó wà nípò alábòójútó tàbí ti ọ̀gá. Èrò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nígbà náà ni pé ọ̀gá ló ń pinnu ìgbà tí òun fúnra ẹ̀ ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde, owó ẹ̀ sì pọ̀ tó láti bo ìyẹn. Ẹ wá fi súpáfáísọ̀ omi inú ọ̀rá wé e.

Àmọ́ ẹ tún abala 91 kà. Kò sọ pé "súpáfáísọ̀". Kò sọ pé "maníjà". Ohun tó sọ ni irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí káàdì tí o gbé kọ́rùn kò tó. Ohun tí o ń fi ọwọ́ rẹ ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ ló ń sọ ibi tí o wà.

Mo wá bi àbúrò mi léèrè ohun tó ń ṣe gan-an. Ta ló ń gba èèyàn síṣẹ́? Maníjà ni. Ta ló ń lé èèyàn? Maníjà ni. Tí ọmọ-iṣẹ́ kan bá fẹ́ gba ọjọ́ méjì láti lọ sìnkú, ṣé ìwọ lè fọwọ́ sí i? Ó ní rárá, òun máa mú ìwé náà lọ fún maníjà ni. Tí béárìn ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, ṣé o lè ra òmíì láìbèèrè? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rá tí wọ́n ń kó omi sí gan-an, òun kò lè ra ẹyọ kan. Kí lo wá ń ṣe? Ó ní òun máa ń pín àwọn èèyàn sídìí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, òun máa ń kọ iye àpò tí wọ́n ṣe sínú ìwé, tí ẹnì kan kò bá wá, òun á bọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì fúnra òun. Ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀.

Ní tèmi, akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni obìnrin yìí. Kò sí àṣẹ kankan lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ kí n má tan yín, lọ́yà tó bá gbọ́n lè dìde kó ní ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún èèyàn mẹ́sàn-án, iṣẹ́ ìṣàkóso ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ inú òfin náà fẹ̀ tó láti gba ìyẹn. Ẹni tó bá ń fọwọ́ sí ìsinmi, tó ń gba èèyàn síṣẹ́, tó ń bá wọn jókòó lórí owó tí iléeṣẹ́ máa ná, kó má fi abala 13 dá ara ẹ̀ lójú. Ẹni tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló fi yàtọ̀ sí àwọn tó ń bójú tó, ó ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ irú àríyànjiyàn yìí. Òfin ọdún 1938 tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní kí wọ́n san owó wákàtí kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ó sì yọ àwọn ọ̀gá kúrò. Àmọ́ wọ́n fi iye owó ṣe ẹnu ọ̀nà: ní òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, ẹni tí owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ kò bá tó dọ́là 684, ẹ pè é ní maníjà títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n gbọ́dọ̀ san ofatáìmù ẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì máa wo ohun tó ń ṣe gan-an. Irú iye bẹ́ẹ̀ kò sí nínú òfin tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn níbí láti fi ₦25,000 ra orúkọ "súpáfáísọ̀" lé èèyàn lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yí padà ni ìgbà tí mo ní kó gbé lẹ́tà wá. Ó ní wọ́n wà nínú fóònù òun, òun ti yà wọ́n ní fọ́tò. Lẹ́tà méjì ni. Èyí àkọ́kọ́, ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, sọ wákàtí iṣẹ́, ó sọ ofatáìmù, ó sọ iye tó jẹ́. (Òfin ló fi dandan lé ìyẹn o: abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ owó ẹ̀ àti ètò wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀, kó béèrè.) Lẹ́tà kejì, ti ìgbéga, kò ju ìpínrọ̀ méjì lọ. Ìkíni ni ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ìkejì sọ owó tuntun, ó sì fi gbólóhùn kan parí ẹ̀: gbogbo ètò iṣẹ́ rẹ yòókù wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo ní kó tún un kà sókè.

Ẹni tó tẹ lẹ́tà yẹn ní iléeṣẹ́ náà kò mọ ohun tó ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn gbé aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún wọ inú iṣẹ́ tuntun, ó sì gbé ofatáìmù wọ inú ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ilé-ẹjọ́ tilẹ̀ ní abala 91 yọ ọ́ kúrò lára òṣìṣẹ́, àdéhùn ni àdéhùn ń jẹ́. Òfin Iṣẹ́ lè má bò ó, lẹ́tà tí àwọn fúnra wọn kọ ti bò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kó fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ kó tó kan òfin. Ohun méjì ni kó wò níbẹ̀ tí kò dáa fún un: ọ̀rọ̀ tó sọ pé owó oṣù náà ti kó gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù pọ̀, àti ọ̀rọ̀ tó sọ pé wọ́n lè ní kó dúró nígbàkúùgbà tí iṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí méjèèjì bá wà níbẹ̀, tó sì ti fọwọ́ sí i, ọ̀nà ẹ̀ ti há. Tí ìkejì nìkan bá wà, ohun tó sọ ni pé wọ́n lè ní kó dúró, kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ó wá ku ẹ̀rí. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé ẹni tó bá sọ pé nǹkan rí báyìí ló gbọ́dọ̀ fi hàn. Ilé-ẹjọ́ kò ní í gba "mo máa ń pẹ́ gan-an" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ wo? Aago mélòó? Ta ló ní kó o dúró? Ìbéèrè kẹta yẹn ló ń ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Abala 13 sọ pé wákàtí tí wọ́n *ní kí* òṣìṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fúnra ẹ̀ dúró kí iṣẹ́ lè mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ọ̀gá lè yìn ín, agbanisíṣẹ́ máa ní òun kò rán an níṣẹ́.

Àbúrò mi ní ọ̀gá wọn máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp fún àwọn súpáfáísọ̀: kí ẹnikẹ́ni má kúrò kí ọkọ̀ tó kún, ẹni tó bá lọ á fẹnu fẹ́ra bí abẹ́bẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wúrà. Àmọ́ fọ́tò ojú fóònù nìkan kò tó níwájú adájọ́. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí yẹn ní àwọn ohun tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ irú ẹ̀rọ tó ti wá, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Lọ́yà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohun tó kan ẹni tó ni fóònù ni pé kó má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kó má sì ta fóònù náà.

Oṣù mẹ́ta péré ló kọ sínú ìwé nínú oṣù méje. Ìwé kékeré kan ni, èyí tó fi ń kọ àdáṣe tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọjọ́, ó kọ aago tó jáde, ó kọ ìdí tó fi pẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí owó oṣù ẹ̀ ti di ₦115,000, owó wákàtí kan ti di ₦553 ó dín díẹ̀, owó wákàtí kan àti ààbọ̀ sì jẹ́ ₦829. Ẹ fi 65 sọ ọ́ di púpọ̀, ₦53,885 lóṣù. Oṣù méje máa fẹ́ẹ̀ tó ₦377,200. Oṣù mẹ́ta tó ní ẹ̀rí ẹ̀ máa lé díẹ̀ ní ₦161,600. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó méjèèjì yẹn ni iye tí ìwé kékeré kan tó ₦300 ì bá ti gbà là.

Níbo ló wá kàn? Mo ní kó má sáré lọ sí kóòtù. Kó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìrẹ̀lẹ̀ sí maníjà, kó so lẹ́tà méjèèjì mọ́ ọn, kó tọ́ka sí gbólóhùn yẹn, kó sì béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ san án. Kó má bú ẹnikẹ́ni. Kó gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn rí i. Tí ìyẹn kò bá so èso, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì l'Adó, òṣìṣẹ́ wọn lè pe iléeṣẹ́ náà wá jókòó, kò sì ju ìwé ẹ̀sùn lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan Ilé-Ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Indọ́sítríà Kọ́ọ̀tù, tó ní ẹ̀ka l'Ákùúrẹ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ́dún 2010 ló fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sábẹ́ kóòtù yìí nìkan, ó sì fún un lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìwà ìrẹ́jẹ níbi iṣẹ́, yálà ẹni náà jẹ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ abala 91 tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún àwọn ọ̀gá gidi tí abala 13 kò bò. Wọ́n kò wà níta gbangba, àmọ́ ẹjọ́ wọn le jù, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn pẹ́ níbi iṣẹ́.

Ó bi mí nípa ẹgbẹ́. Nígbà tó fi wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ló wà. Wọ́n ní súpáfáísọ̀ kò lè wà níbẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ní iléeṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní FOBTOB ni. Ẹni tí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fẹ́ nínú ẹgbẹ́ ni ẹni tí àṣẹ ọ̀gá pátápátá wà lọ́wọ́ ẹ̀, bó ṣe hàn nínú ètò iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tí kò lè ra ọ̀rá kò sí lára ìyẹn. Níbi tí ẹgbẹ́ bá wà, ìdúnàádúrà wọn lè fi ofatáìmù tàbí owó àjẹmọ́nú ìdúrópẹ́ sínú àdéhùn, kò ní í di pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ lẹ́tà. Iléeṣẹ́ tirẹ̀ kéré, àwọn súpáfáísọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n, kò sẹ́ni tó tíì dá nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà á, mi ò sì lè sọ pé kò yẹ kó bà á. Abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ sọ pé ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkìlọ̀ oṣù kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù kan péré. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ bínú lè san owó oṣù kan, kó ní kó máa lọ. Ó ní ọmọ méjì, ọkọ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ akérò. Ẹni tó bá ní kó lọ jà bíi ti Ògèdèǹgbé kò sí lára àwọn tó máa san owó ilé-ìwé.

Síbẹ̀, ó kọ lẹ́tà náà. Mo bá a wò ó, mo yọ gbólóhùn méjì tó gbóná kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kẹta, maníjà pè é wọlé, ó ní iléeṣẹ́ ti rò ó. Wọn kò ní í pè é ní ofatáìmù, torí súpáfáísọ̀ kì í gba ofatáìmù, àmọ́ àwọn súpáfáísọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa gba ₦15,000 lóṣoṣù fún ìnira, tí méjì nínú wọn bá sì dúró lónìí, àwọn méjì yòókù á tètè lọ, wọ́n á máa gbà á ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. ₦115,000 àti ₦15,000 jẹ́ ₦130,000. Wákàtí àṣekún á já sí ìdajì, nǹkan bí 32 ààbọ̀, tí àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ 240 ààbọ̀. Wákàtí kan wá di ₦540. Ó ti ju ti ìdí ẹ́ńjìnnì lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e ga.

Nípa oṣù méje tó ti kọjá, maníjà kò sọ nǹkan kan, lẹ́tà tí wọ́n fún un náà kò dárúkọ ẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ní kó fọwọ́ sí ohunkóhun pé òun kò ní ẹ̀sùn mọ́. Ó ní wọ́n gbé ìwé kan wá, òun ní òun fẹ́ mú un relé kà. Mo ní kó má fọwọ́ sí i ná, torí tó bá ti fọwọ́ sí i, ₦161,600 yẹn ti lọ nìyẹn. Ìwé náà ṣì wà nínú báàgì ẹ̀ nígbà tó dágbére fún mi, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifàkì tó wọ́n.